Ìwé èsì mẹ́ta láti ara aláìsàn kan: bí a ṣe ń ka ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀

Àìmọ òǹkà kọ́ ni ìṣòro àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń kọ́. Bí a bá jí wọn lójú oorun, wọn á kà á láìkọsẹ̀ pé pH ẹ̀jẹ̀ òpójẹ̀ àlọ máa ń wà láàárín 7.35 sí 7.45, pé PaCO2 máa ń wà láàárín 35 sí 45, àti pé HCO3 máa ń wà láàárín 22 sí 26. Ohun tí ó ń ṣòro fún wọn ni láti gbà pé òǹkà kan lè wà nísàlẹ̀ ààlà tí ìwé kọ sílẹ̀, kí ó sì tún pọ̀ jù fún aláìsàn tí ó wà níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Aláìsàn kan ni màá fi ṣe é, ọmọbìnrin ọdún 19 tí wọ́n gbé wá láti abúlé kan ní Bùnú, tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ásíìdì. Ìwé èsì mẹ́ta ni a ó kà láti ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ni ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù fún ọdún mélòó kan ní Kàbà, Mòpà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ á mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bí ó bá rí i.

Èéfín àti eérú

Ẹ jẹ́ kí á fi ara wé ilé ìdáná tí iná rẹ̀ kì í kú. Oúnjẹ ni igi tí ń jó. Èéfín rẹ̀ ni kábọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ẹ̀dọ̀fóró sì ni fèrèsé tí èéfín ń gbà jáde. Bí fèrèsé bá há, èéfín á kún inú ilé: kábọ̀nù dáyọ́ksáìdì á para pọ̀ mọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀, á sì di ásíìdì. Ìwọ̀n èéfín yìí ni ẹ̀rọ ń kọ síwájú PaCO2. Ásíìdì mìíràn wà tí kò lè di afẹ́fẹ́, tí a kò sì lè mí jáde, irú èyí tí ó ń wá láti inú ẹran tí a jẹ, láti inú ọ̀rá tí ara ń jó nígbà tí kò rí ṣúgà lò, tàbí láti inú iṣan tí ọ́ksíjìn kò dé. Ìyẹn ni eérú ilé ìdáná wa, kíndìnrín ni ó sì ń kó o dànù sínú ìtọ̀. (Ẹni tí ó bá mọ̀ pé omi eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, pé òdìkejì ásíìdì sì ni, kó má bá mi jà. Àpèjúwe lásán ni, kò sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Bàìkábónéètì, èyí tí ìwé èsì ń pè ní HCO3, ni ohun tí ń pa agbára ásíìdì wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ásíìdì bá ti ń pọ̀ ni bàìkábónéètì ń tán.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà di ásíìdì jù: kí PaCO2 lọ sókè, tàbí kí HCO3 lọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yà méjèèjì bá ṣẹ̀, ìkejì á dìde láti gbèjà ara. Ìgbèjà ẹ̀dọ̀fóró yá púpọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì máa ń dé góńgó láàárín wákàtí 12 sí 24. Ti kíndìnrín lọ́ra, ó lè gba ọjọ́ 2 sí 5. Ẹ tún fi í sọ́kàn pé ìgbèjà kì í kọjá ààlà: ó ń dín ìbàjẹ́ kù, ṣùgbọ́n kì í sábà dá pH padà sí ipò rẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rí pH tí ó dára lójú aláìsàn tí PaCO2 àti HCO3 rẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi, ẹ fura pé àìsàn méjì ni ó wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ń fà síwájú tí èkejì ń fà sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin náà dé

Ínsúlínì rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà sì jìn sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú ń dùn ún, ó ń mu omi láìdáwọ́dúró, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ilé rò pé ibà ni, wọ́n sì ra oògùn ibà fún un. Nígbà tí mímí rẹ̀ wá yí padà ni wọ́n tó gbé e sórí ọ̀kadà. Nígbà tí ó dé wọ́ọ̀dù, ó ń mí ní ìgbà 34 ní ìṣẹ́jú kan, èémí náà jinlẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ sì ń run bí èso tí ó ti pọ́n jù. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì ń dáhùn ọ̀rọ̀. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 mmol/L. Kítóònù pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí mímí yẹn dáadáa. Kì í ṣe mímí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń dùn, tí ń mí kúkúrú kúkúrú. Fèrèsé ni ó ṣí sílẹ̀ gbayawu: ara ń lé èéfín jáde kí ásíìdì lápapọ̀ lè dín kù, nítorí eérú ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń rí aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí a sì ń pè é ní òtútù àyà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ó sì gbọ́ pé ó mọ́ gaara, yẹ kó ronú kan ásíìdì lójú ẹsẹ̀.

Ìwé èsì àkọ́kọ́ kà báyìí:

```
pH    7.14
PaCO2 18
HCO3  6
Na 132   K 4.4   Cl 96
```

Kí a tó túmọ̀ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ara wọn gbọ́. Ẹ̀rọ ń wọn pH àti PaCO2, ó sì ń fi ìṣirò rí HCO3, nítorí náà ìwé tí ó bá jáde tààrà láti inú ẹ̀rọ kì í sábà tako ara rẹ̀. Ìṣòro ń wá nígbà tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ dà á kọ sínú fáìlì, tí ó fi 26 sípò 6. Ìṣirò tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, H+ sì ni ìwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ gan-an:

```
H+ = 24 × PaCO2 ÷ HCO3
```

Níhìn-ín, 24 lọ́nà 18, tí a pín sí 6, jẹ́ 72. Ẹ há àtẹ̀gùn kékeré yìí sórí: pH 7.40 jẹ́ H+ 40, 7.30 jẹ́ 50, 7.20 jẹ́ 63, 7.10 jẹ́ 79, 7.00 sì jẹ́ 100. 72 wà láàárín 7.20 àti 7.10, ibẹ̀ náà sì ni 7.14 wà. Ìwé náà ṣeé gbà gbọ́. Ẹ tún wo bí àtẹ̀gùn yẹn ṣe ń ga sí i: láti 7.40 sí 7.10, pH dín ní 0.3 péré, ṣùgbọ́n ásíìdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ sọ pé pH "sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀".

Lẹ́yìn èyí ni kíkà gan-an. Ẹ wo pH: 7.14 kéré sí 7.35, ásíìdì ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo ẹni tí ó fa á. PaCO2 18 kéré, èéfín sì kéré. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, pH ìbá ga ni. HCO3 6 ni ó lọ sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú pH. Eérú ni ìṣòro, ẹ̀dọ̀fóró sì ń gbèjà.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń dúró nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ẹ̀dọ̀fóró ń gbèjà", wọ́n á sì pa ìwé dé. Ó kù ìbéèrè kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé ìgbèjà náà tó?

Iye tí ó yẹ kí PaCO2 jẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé eérú ni ó pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tí ara rẹ̀ le máa ń sọ PaCO2 kalẹ̀ dé ibì kan tí a lè fi ìṣirò mọ̀:

```
PaCO2 tí a ń retí = (1.5 × HCO3) + 8, ± 2
```

Fún ọmọbìnrin yìí, 1.5 lọ́nà 6 jẹ́ 9, a fi 8 kún un, ó di 17. Ohun tí a ń retí wà láàárín 15 sí 19. Ó ní 18. Ìgbèjà rẹ̀ tó. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kó ṣe, ohun tí ó kù fún wa kò ju kí a wá ibi tí eérú ti wá, kí a sì dí i.

Bí PaCO2 bá kéré sí iye tí a ń retí, nǹkan mìíràn tún ń mú aláìsàn mí ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá àrùn tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìrora, tàbí oògùn kan tí ó ti mu jù. Bí ó bá ga ju iye tí a ń retí lọ, fèrèsé ti ń há, kódà bí òǹkà náà ṣì wà nísàlẹ̀ 35. Ẹ fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí, nítorí a ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ìṣirò yìí wà fún ìgbà tí HCO3 bá jẹ́ orísun ìṣòro nìkan. Ẹ má ṣe lò ó fún aláìsàn tí ikọ́ fée ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti mú PaCO2 rẹ̀ ga láti ilé.

Ní ti ibi tí eérú ti wá, ohun tí ó wà nínú ìwé náà tó láti tọ́ka sí i:

```
Àlàfo = Na − (Cl + HCO3)
```

132, a yọ 96 àti 6 kúrò, ó ṣẹ́ ku 30. Láàárín 8 sí 12 ni ó sábà máa ń wà. Àlàfo tí ó fẹ̀ tó báyìí ń sọ fún wa pé ásíìdì àjèjì kan ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ kò dárúkọ: kítóònù ti àtọ̀gbẹ, ásíìdì láti inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé (ibà líle pàápàá lè fa èyí, ẹ má gbàgbé), ìdọ̀tí tí kíndìnrín tí ó ti kú kò lè kó dànù mọ́, tàbí májèlé. Ní tirẹ̀, ṣúgà àti kítóònù ti dáhùn ìbéèrè náà. Ká ní onígbáméjì ni, tí ó ń ya omi láti àná, bàìkábónéètì rẹ̀ ìbá ti bá ìgbẹ́ lọ, kiloráìdì ìbá ti gòkè wá gba ipò rẹ̀, àlàfo kò sì ní fẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ omi iyọ̀ 0.9% fún un, wọ́n sì fi ínsúlínì sínú ẹ̀rọ ìfásíra: 0.1 yúnìtì fún kílò kan ní wákàtí kan, ó wọn 50 kílò, nítorí náà yúnìtì 5 ní wákàtí kan. Kò sí pòtásíọ̀mù nínú omi náà. Òǹkà 4.4 ni ó tan ẹni tí ó kọ ìwé àṣẹ jẹ. Ásíìdì àti àìsí ínsúlínì máa ń lé pòtásíọ̀mù jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì wá sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ sì ń gbé e lọ, débi pé òǹkà inú ẹ̀jẹ̀ á dára nígbà tí àpò ara lápapọ̀ ti gbẹ. Bí ínsúlínì bá wọlé, á lé èyí tí ó kù padà sínú sẹ́ẹ̀lì, òǹkà náà á sì já bọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń fi pòtásíọ̀mù sínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ bí òǹkà bá wà láàárín 3.5 sí 5.0 tí aláìsàn sì ń tọ̀, tí wọ́n sì ń dá ínsúlínì dúró bí ó bá wà nísàlẹ̀ 3.5 títí yóò fi gòkè.

"A dúpẹ́, ó ti ń sùn"

Wákàtí mẹ́fà kọjá. Nọ́ọ̀sì alẹ́ wọlé gba iṣẹ́. Ìyá àgbà ọmọ náà, tí ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Okun o, nọ́ọ̀sì. A dúpẹ́, ó ti ń sùn. Èémí gágá yẹn ti lọ." Òótọ́ sì ni: mímí ti sọ̀ kalẹ̀ láti 34 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì jinlẹ̀ mọ́. Ṣúgà ti di 15. Ẹ̀rọ ìka ọwọ́ ń kọ ọ́ksíjìn 96%. Lójú ẹni tí kò mọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ti dára.

Èmi náà ti wà nípò yẹn rí, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́. Mo kọ "aláìsàn ń sinmi" sínú ìwé ìròyìn, mo sì lọ sí bẹ́ẹ̀dì tí ó kàn. Ọ̀gá tí ó ń ṣọ́ wa kò bá mi wí. Ó kàn mú mi padà lọ, ó pe aláìsàn náà lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, a kò rí ìdáhùn, ó sì bi mí pé kí ni ó yí padà nínú ara rẹ̀ tí kò fi nílò èémí yẹn mọ́. N kò ní ìdáhùn. Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ẹ máa bi ara yín.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ yìí bi ara rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ tuntun:

```
pH    7.05
PaCO2 30
HCO3  8
Na 136   K 2.8   Cl 106
```

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Àlàfo ti dín kù láti 30 sí 22, èyí tí ó ń sọ pé kítóònù ń lọ. HCO3 ti gòkè láti 6 sí 8. Ní ti eérú, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ pH ti burú sí i, láti 7.14 sí 7.05. Bí apá eérú bá ń sàn tí pH sì ń burú, ẹjọ́ kò sí níbòmíràn ju ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹni tí ó bá fi òǹkà inú ìwé wọn PaCO2 á sọ pé 30 ṣì kéré sí 35, pé aláìsàn ṣì ń mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò wa: 1.5 lọ́nà 8 jẹ́ 12, a fi 8 kún un, ó di 20. Láàárín 18 sí 22 ni ó yẹ kó wà. 30 fi 8 ga ju òkè ààlà lọ. Fún ọmọbìnrin yìí, ní òru yìí, èéfín ti kún ilé. Ká ní PaCO2 rẹ̀ wà ní 20 ni, H+ ìbá jẹ́ 24 lọ́nà 20, pín sí 8, èyí tí í ṣe 60, pH rẹ̀ ì bá sì wà nítòsí 7.22. Ohun tí fèrèsé tí ó há gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, láti 7.22 sí 7.05.

Ẹ wo ọ́ksíjìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ ìka ọwọ́ kò rí èéfín rárá. Ọ́ksíjìn nìkan ni ó ń kà. Aláìsàn lè ní 96% títí yóò fi sún mọ́ ojú ikú, pàápàá bí a bá ti fi ọ́ksíjìn sí i nímú.

Kí ló mú fèrèsé há? Ó ti fi gbogbo agbára mí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ẹni tí ó ń gún iyán láìsí ẹni tí yóò gbà á. Pòtásíọ̀mù 2.8 sì ti sọ iṣan tí ó fi ń mí di aláìlágbára. Oorun tí ìyá àgbà ń dúpẹ́ fún kì í ṣe oorun.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe

Ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ pé "èsì ti jáde". Ohun tí ó sọ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, HCO3 rẹ̀ jẹ́ 8, a ń retí PaCO2 ní 20, ó sì ní 30. Mímí ti sọ̀ láti 34 sí 16, kò dáhùn ìpè dáadáa, pòtásíọ̀mù jẹ́ 2.8, ínsúlínì sì ń lọ." Gbólóhùn yẹn gbé ìṣòro, ẹ̀rí àti ewu dé etí ẹni tí ó wà níbùsùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bí dókítà ṣe ń bọ̀, ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó yẹ ọ̀nà ọ̀fun wò kí èébì má bà á gba ibẹ̀, ó gbé àpò àti ìbòmú tí a fi ń mí fún aláìsàn sítòsí, ó sì so ọkàn rẹ̀ mọ́ mọ́nítọ̀.

Dókítà ní kí wọ́n dá ínsúlínì dúró, kí wọ́n sì fún un ní pòtásíọ̀mù kiloráìdì láti ọwọ́ méjèèjì, 10 mmol ní wákàtí kan ní apá kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ mọ́nítọ̀. Pòtásíọ̀mù kì í ṣe ohun tí a ń fi sírínjì tì sínú òpójẹ̀ rárá; ó ń dá ọkàn dúró. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi tí a ti pò pọ̀ dáadáa. Ẹbí bèèrè bóyá kí a fún un ní oògùn kan kí ó lè sùn dáadáa. Oògùn oorun ni ohun tí ó burú jù tí a lè fún un: á pa fèrèsé dé pátápátá. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ̀rọ mí fún un, ẹni tí ó ń to ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ fi sí mímí 12 tàbí 14 tí a ń fi sí fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ó gbọ́dọ̀ máa mí kíákíá tó láti sọ PaCO2 kalẹ̀ sí ibi tí ìṣirò wí.

Ìyá kan tí ó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì bèèrè ìdí tí wọn kò fi tú bàìkábónéètì sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tààrà, ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa ń bèèrè. Bàìkábónéètì tí a tú sílẹ̀ máa ń di kábọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ẹ̀dọ̀fóró sì ni yóò lé e jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí kò tilẹ̀ lè lé èyí tí ó wà nílẹ̀. Ó tún ń fa pòtásíọ̀mù sísàlẹ̀ sí i. Fún àtọ̀gbẹ irú èyí, ìgbà tí pH bá bọ́ sísàlẹ̀ 7.0 ni wọ́n tó ń gbé e yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ìwé kẹta jáde:

```
pH    7.21
PaCO2 23
HCO3  9
K 3.6
```

Mo fi ìṣirò èyí sílẹ̀ fún yín, àfi kí n sọ pé ohun tí a ń retí bẹ̀rẹ̀ láti 19.5 dé 23.5. Ìgbèjà ti padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, pẹ̀lú pòtásíọ̀mù nínú omi lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún ń mí gágá, ìyá àgbà sì tún ń bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì ní láti jókòó tì í kí ó ṣàlàyé pé èémí yẹn gan-an ni ó ń gbé ọmọ náà ró.

Bí ẹ̀jẹ̀ tí a gbà bá purọ́

Òǹkà 30 yẹn kò ní wúlò bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jẹ́ ti òpójẹ̀ àlọ, tàbí bí a bá ti bà á jẹ́ kó tó dé ẹ̀rọ. Ọrùn ọwọ́ ni a sábà ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ fún òpójẹ̀ méjèèjì ibẹ̀ pọ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ funfun, kí ẹ sì tú ti ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré sílẹ̀. Bí àwọ̀ kò bá padà títí ìṣẹ́jú-àáyá 15 fi pé, ẹ lo ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 5, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí aláìsàn bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ìṣùpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú sírínjì máa ń fa PaCO2 sísàlẹ̀, nítorí èéfín tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta kò tó nǹkan. Hẹ́párínì olómi tí ó pọ̀ jù náà ń fà á sísàlẹ̀, ó sì ń bu omi la HCO3. Ìdádúró ń ṣe òdìkejì: sẹ́ẹ̀lì inú sírínjì ṣì ń jó igi, ó ń tú èéfín sílẹ̀, pH ń bọ́, PaCO2 ń gòkè. Láàárín ìṣẹ́jú 30 ni ó yẹ kí sírínjì oníke dé inú ẹ̀rọ. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, ẹ kọ́kọ́ pe láàbù kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ti gbóná, kí ẹ tó gún aláìsàn. Bí ó bá jẹ́ òpójẹ̀ àbọ̀ ni ẹ gún, ọ́ksíjìn á kéré ju ohun tí ẹ̀rọ ìka ọwọ́ ń sọ lọ, PaCO2 á fi nǹkan bí 4 sí 6 ga ju ti òpójẹ̀ àlọ lọ, ṣùgbọ́n HCO3 kò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Níbi tí kò sí ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láàárín wa kò ní ẹ̀rọ yìí. Èyí kò sọ ìṣirò wa di asán. Láàbù tí ó lè ṣe àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á fún yín ní bàìkábónéètì láti inú ẹ̀jẹ̀ òpójẹ̀ àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ 8, ẹ ti mọ̀ pé PaCO2 gbọ́dọ̀ wà nítòsí 20, ìdajì iye ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Kò sí ẹni tí ó lè wà ní 20 tí yóò máa mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi. Nítorí náà, ẹ ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí a sọ di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ wo bí àyà ṣe ń gbé sókè tó, ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàìkábónéètì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí bàìkábónéètì bá jẹ́ 8, tí mímí sì jẹ́ 16, tí kò jinlẹ̀, ẹ ti rí ìwé èsì kejì láìsí ẹ̀rọ, ẹ sì pe dókítà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.